Bí A Ṣe Ń Fún Òfin Bọ́ọ̀lù àti Kíríkẹ́ẹ̀tì Ní Orúkọ Yorùbá Tí Kò Yí Òfin Padà

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n ní kí n túmọ̀ ìwé òfin kékeré kan fún ìdíje bọ́ọ̀lù àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní agbègbè Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Nígbà tí mo dé orí ọfúsáìdì, mo kọ "àṣìdúró", inú mi sì dùn sí i, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kúrú, ó sì dùn létí. Ní ọjọ́ kejì ìdíje, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó di àsíá mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilà gbé àsíá náà sókè ní ẹ̀ẹ̀mẹrin nítorí ọmọ kan tí ó kàn dúró sí òdì kejì pápá, tí kò sáré tẹ̀lé bọ́ọ̀lù, tí kò sì dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè, ìwé tí mo kọ ni ó nà sí wọn: ọmọ náà ṣì í dúró, ẹni tí ó bá sì ṣe àṣìṣe ni a ń fìyà jẹ. Kò ka ìwé náà sódì. Èmi ni mo kọ ohun tí òfin kò sọ.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń tẹ̀lé ìlànà tí mo fẹ́ là sílẹ̀ yìí. Ọfúsáìdì ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ láti ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà n ó mú ìlànà kan náà dé orí kíríkẹ́ẹ̀tì, níbi tí iṣẹ́ ti le jù, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wa ní Èkìtì kò bá eré náà dàgbà, etí wa kò sì ní ọ̀rọ̀ tí yóò fi gbà á.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: Ẹ tú òfin náà palẹ̀ kí ẹ tó wá orúkọ fún un

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù lọ ni kí á mú orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fún nǹkan, kí á sì máa wá orúkọ Yorùbá tí ó jọ ọ́. Orúkọ kì í sọ òfin tán, nígbà mìíràn kò tilẹ̀ sọ ọ́ rárá. Ẹ pa orúkọ tì. Ẹ ka òfin fúnra rẹ̀, kí ẹ sì kọ àwọn ohun tí ó gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ kí adájọ́ eré tó lè fun fèrè, ìkọ̀ọ̀kan lórí ilà tirẹ̀, ní Yorùbá tí ẹ fi ń bá ọmọ yín sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ ọfúsáìdì wà nínú òfin kọkànlá nínú àwọn òfin 17 tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù káàkiri àgbáyé. Bí ẹ bá tú u palẹ̀, ẹ óò rí i pé ọ̀rọ̀ méjì ni ó wà níbẹ̀, kì í ṣe ẹyọ kan. Èkíní jẹ́ ọ̀rọ̀ ibi tí ènìyàn wà. Agbábọ́ọ̀lù kan wà ní ipò náà bí orí rẹ̀, ara rẹ̀ tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá wà ní apá ti àwọn alátakò nínú pápá, tí ó súnmọ́ ilà ilé wọn ju bọ́ọ̀lù lọ, tí ó sì tún súnmọ́ ọn ju ẹni kejì tí ó kẹ́yìn lára wọn lọ. Ó parí síbẹ̀. Òfin sọ ní kedere pé wíwà ní ipò yìí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ ohun tí ó ṣe. Ìgbà tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù tàbí tí ó fara kàn án ni a ń wo ipò rẹ̀, kì í ṣe ìgbà tí bọ́ọ̀lù dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí ó bá wà ní ipò náà ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn, ẹ̀ṣẹ̀ kò tíì sí títí yóò fi dá sí eré: bóyá ó gbá bọ́ọ̀lù náà, bóyá ó dí alátakò lọ́wọ́ tàbí lójú, bóyá bọ́ọ̀lù ta padà lára òpó ilé tàbí lára alátakò, tí òun sì jèrè ibi tí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé láti ọwọ́ ẹni tí ó ju bọ́ọ̀lù wọlé láti ẹ̀gbẹ́ pápá, tàbí láti inú kọ́nà, tàbí láti inú gbígbá tí a fi ń tú bọ́ọ̀lù sílẹ̀ níwájú ilé, ni ó ti gba bọ́ọ̀lù tààrà, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ kankan, ibi yòówù kí ó dúró sí.

Ẹ wo bí "àṣìdúró" ti ba gbogbo èyí jẹ́. Ó so ipò àti ẹ̀ṣẹ̀ pọ̀ mọ́ra, ó sì fi ẹ̀bi sínú dídúró, níbi tí òfin kò fi ẹ̀bi sí. Bí mo bá ti tú òfin náà palẹ̀ lọ́nà yìí ní àkọ́kọ́ ni, ń bá ti mọ̀ pé orúkọ méjì ni mo ń wá.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ gbọ́ ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ

Ẹ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù, ẹ lọ sí pápá tí àwọn ọmọ ti ń gbá mọ́nkí pọ́ọ̀sì ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ sì tẹ́tí sí ìròyìn eré ìdárayá lórí rédíò. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ni àwọn tí ó ṣáájú wa ti ṣe. Ẹni tí ó kọ́kọ́ pe kóòṣì ní "akọ́nimọ̀ọ́gbá" ṣe iṣẹ́ ńlá, nítorí pé ohun tí ẹni náà ń ṣe ni ó fi sọ ọ́ lórúkọ. "Ọ̀mì" wá láti inú ayò ọlọ́pọ́n, a sì ń lò ó fún bọ́ọ̀lù láìsí ìjà, nítorí pé ohun kan náà ni ó jẹ́ nínú eré méjèèjì: kò sí ẹni tí ó borí. A ń sọ pé ẹnìkan "jẹ góòlù", bí ẹni tí ó jẹ ọmọ ayò. Ibi tí a ń gbá bọ́ọ̀lù sí ni a ń pè ní ilé, tàbí ulé bí a bá ń sọ ẹ̀ka èdè wa, ẹni tí ó sì ń dúró níbẹ̀ ni aṣọ́lé.

Bí ọ̀rọ̀ kan bá ti wà báyìí, tí ó sì bá òfin mu, ẹ má dá òmíràn sílẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé ọ̀rọ̀ àyálò nìkan ni àwọn ènìyàn ní, bíi pẹ́náritì àti kọ́nà, tí gbogbo ènìyàn sì mọ ohun tí ó jẹ́ gan-an, èmi a fi í sílẹ̀ bí ó ti wà. Pẹ́náritì kò pe ẹnikẹ́ni sí ìṣìnà. Ọfúsáìdì yàtọ̀, nítorí pé nígbà tí àwọn òǹwòran bá pariwo rẹ̀, àwọn kan ń sọ̀rọ̀ ipò, àwọn mìíràn ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ̀, wọ́n a sì máa bá ara wọn jiyàn fún wákàtí kan lórí ohun méjì tí orúkọ kan bò mọ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tí a gbọ́ ni a lè kọ. Nínú eré àwọn ọmọdé, ẹni tí wọ́n ti lé jáde nínú eré "ti kú". Ọ̀rọ̀ náà yé gbogbo ènìyàn, mo sì ronú láti lò ó fún ẹni tí wọ́n lé kúrò lórí pápá nínú kíríkẹ́ẹ̀tì. Ẹ wá wo ẹni tí ń ka ìròyìn ní aago mẹ́fà àárọ̀, tí ó dárúkọ ọmọbìnrin kan, tí ó sì ní ó ti kú, tí ìyá rẹ̀ sì ń gbọ́ ọ ní ilé. Mo pa á rẹ́ ní ọjọ́ náà gan-an.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ fi ohun tí ó ya nǹkan sọ́tọ̀ sọ ọ́ lórúkọ

Kò sí orúkọ tí ó lè gbé gbogbo òfin. Iṣẹ́ orúkọ ni láti di ohun kan ṣoṣo mú, èyí tí ó ya nǹkan náà sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tí ó jọ ọ́, kí ó má sì sọ irọ́ nípa ìyókù.

Fún ipò ọfúsáìdì, mo kọ́kọ́ gbé "ìdúró ẹ̀yìn" wò, nítorí pé ẹni náà ti bọ́ sí ẹ̀yìn àwọn tí ń ṣọ́ ilé. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ta ni? Lójú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, iwájú ni ó wà. Mo gbé "ìṣíwájú" wò, ó sì bá òfin mu dáadáa, àmọ́ láti inú rẹ̀ ni a ti ń yọ "aṣíwájú", oyè ni ìyẹn sì jẹ́ létí gbogbo ènìyàn. Kò ṣe é fún fèrè. Ọ̀rọ̀ ìṣe tí kò bìkítà fún ibi tí ẹni tí ń wò ó dúró sí ni mo ń wá, mo sì rí i lẹ́nu bàbá àgbàlagbà kan tí ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní pápá ìṣeré Olúyẹmí Káyọ̀dé ní Adó-Èkìtì, tí ó ní: "Ó ti kọjá wọn!" Láti inú èyí ni mo ti mú "ipò àkọjá" fún ibi tí ó wà, àti "ẹ̀ṣẹ̀ àkọjá" fún ohun tí a ń fun fèrè sí. Ẹni tí ó wà ní ipò àkọjá lè dúró síbẹ̀ títí eré yóò fi parí láìjẹ̀bi. Gbólóhùn yẹn kò ṣeé sọ pẹ̀lú "àṣìdúró", èyí sì ni ó jẹ́ kí n mọ̀ pé orúkọ tuntun náà dára jù.

Mo ní láti ṣọ́ ohun kan ṣá: bí "kọjá" bá ti di ti ènìyàn, a kò gbọ́dọ̀ tún fún bọ́ọ̀lù nínú ìwé kan náà. Nítorí náà, bọ́ọ̀lù ń "jáde", ènìyàn ni ó ń "kọjá".

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ ṣọ́ àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké

Àwọn ọ̀rọ̀ ńláńlá kì í sábà ba òfin jẹ́, nítorí pé gbogbo wa ni a ń wò wọ́n dáadáa. Àwọn kékeré ni ó ń yọ́ wọlé.

Ẹ mú "ju bọ́ọ̀lù àti ẹni kejì tí ó kẹ́yìn lọ". Àwọn tí mo fún kà pín sí méjì: àwọn kan rò pé bí ó bá ti kọjá ọ̀kan nínú méjèèjì, ó ti tó. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó gbọ́dọ̀ súnmọ́ ilà ilé ju bọ́ọ̀lù lọ, kí ó sì tún súnmọ́ ọn ju ẹni kejì náà lọ. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, kò sí ní ipò àkọjá. Ìdí nìyẹn tí mo fi tún "súnmọ́" kọ lẹ́ẹ̀kejì lókè yìí, bí ó tilẹ̀ mú kí gbólóhùn náà gùn.

"Ẹni kejì tí ó kẹ́yìn" náà ń da ènìyàn láàmú. Ọ̀pọ̀ ń túmọ̀ rẹ̀ sí "adẹ̀yìn tí ó kẹ́yìn", nítorí pé aṣọ́lé ni ó sábà máa ń kẹ́yìn gbogbo wọn, wọ́n a sì yọ ọ́ kúrò nínú kíkà. Òfin kò dárúkọ aṣọ́lé níbẹ̀ rárá. Bí aṣọ́lé bá ti sáré lọ bá wọn gbá kọ́nà ní òdì kejì pápá, àwọn méjì mìíràn ni ẹ ní láti kà. Èyí tí ó yé àwọn ọmọ jù ni kí á sọ pé: ẹ dúró sórí ilà ilé àwọn alátakò, kí ẹ máa ka àwọn alátakò bọ̀ wá sí iwájú, ẹni kejì tí ẹ bá kàn ni ẹ ń wò. Bí agbábọ́ọ̀lù náà bá dọ́gba pẹ̀lú ẹni yẹn, kò tíì kọjá. "Dọ́gba" dára ju "wà lẹ́gbẹ̀ẹ́" lọ, nítorí pé ènìyàn lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnìkan kí ó sì fi ìgbésẹ̀ kan ṣíwájú rẹ̀.

Ẹ̀yà ara pẹ̀lú nílò àkíyèsí. "Ọwọ́" lédè wa lè jẹ́ àtẹ́lẹwọ́ nìkan, ó sì lè jẹ́ gbogbo rẹ̀ títí dé èjìká. Òfin kò ka ọwọ́ àti apá mọ́ ara nígbà tí a bá ń wo ipò àkọjá, ó sì fi ààlà sí i: ibi tí ó bá ìsàlẹ̀ abíyá dọ́gba ni apá ti bẹ̀rẹ̀. Èjìká kò sí nínú apá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé púpọ̀ nínú wa a máa kà á mọ́ ọn. Bí ẹ bá kọ "apá" láìfi ààlà abíyá sí i, góòlù kan yóò di ìjà lọ́jọ́ kan. Lẹ́yìn èyí, èdè wa ràn wá lọ́wọ́ ní ibòmíràn: "ó fi ọwọ́ kan bọ́ọ̀lù" àti "bọ́ọ̀lù kan ọwọ́ rẹ̀" kì í ṣe ohun kan náà létí ẹnikẹ́ni, ìyàtọ̀ náà sì wúlò púpọ̀ fún òfin fífi ọwọ́ kan bọ́ọ̀lù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin náà ń fìyà jẹ èkejì nígbà mìíràn, fún àpẹẹrẹ bí bọ́ọ̀lù bá kan ọwọ́ ẹnìkan tí ó sì wọlé tààrà.

Èyí tí mo fi ṣe pàtàkì jù ni "ilà". Nínú bọ́ọ̀lù, ilà jẹ́ ara ibi tí ó yí ká. Bọ́ọ̀lù tí ó bá ṣì wà lórí ilà kò tíì jáde, góòlù kò sì tíì wọlé títí gbogbo bọ́ọ̀lù náà yóò fi bọ́ sí òdì kejì ilà. "Bọ́ọ̀lù ti jáde" kò tó nínú ìwé òfin. "Gbogbo bọ́ọ̀lù ti jáde tán" ni kí ẹ kọ. Ilà àárín pápá ní tirẹ̀ kì í ṣe ti apá àwọn alátakò bí a bá ń sọ̀rọ̀ ipò àkọjá, nítorí náà ẹni tí ó tẹ ilà náà mọ́lẹ̀, tí kò sì na ara kọjá rẹ̀, kò lè wà ní ipò àkọjá. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé kíríkẹ́ẹ̀tì yóò yí i padà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ sọ àwọn orúkọ gẹ́gẹ́ bí ẹbí

Ní oṣù kìíní ọdún 2025, ní orílẹ̀-èdè Màlésíà, àwọn ọmọbìnrin Nàìjíríà tí wọn kò tíì pé ọmọ ọdún 19 na New Zealand nínú ìdíje àgbáyé kíríkẹ́ẹ̀tì. Ìsáré ni wọ́n ń kà níbẹ̀ bí a ti ń ka góòlù nínú bọ́ọ̀lù: 65 ni tiwọn, 63 sì ni ti New Zealand. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí pé báwo ni wọ́n ṣe borí, nítorí pé "wọ́n fi ayò méjì borí" ni wọ́n gbọ́, wọ́n sì rò pé méjì sí òdo ni. "Wọ́n fi ìsáré méjì borí" ni ó tọ̀nà. Láti orí ìbéèrè yẹn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ fún kíríkẹ́ẹ̀tì, mo sì rí i kíákíá pé a kò lè sọ wọ́n lórúkọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ìkan gba ààyè ìkejì.

Àpẹẹrẹ tí ó hàn jù ni "ilé". Nínú kíríkẹ́ẹ̀tì, òpó mẹ́ta wà ní ìpẹ̀kun kọ̀ọ̀kan ilẹ̀ títẹ́ tí gígùn rẹ̀ jẹ́ yáàdì 22, igi kékeré méjì sì dábùú orí wọn. Ẹni tí ó bá ti mọ bọ́ọ̀lù yóò fẹ́ pe òpó wọ̀nyí ní ilé lójú ẹsẹ̀, torí pé òun ni bọ́ọ̀lù ń lépa, òun sì ni a ń ṣọ́. Ṣùgbọ́n kíríkẹ́ẹ̀tì ní ibòmíràn tí orúkọ náà tọ́ sí jù. Ilà kan wà níwájú àwọn òpó náà, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sí wọn. Bí onibátì, ẹni tí ó ń fi bátì lu bọ́ọ̀lù, bá wà lẹ́yìn ilà náà, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Bí ó bá jáde, wọ́n lè wó òpó kí wọ́n sì lé e kúrò. Ibi ààbò tí ènìyàn ń sáré padà sí, kí ni à ń pe irú ibẹ̀ bí kò ṣe ilé? Nítorí náà mo fún ibẹ̀ ní "ilé", mo pe àwọn òpó náà ní "òpómẹ́ta", mo pe igi orí wọn ní "ìdábùú", mo pe ilẹ̀ títẹ́ náà ní "ọ̀nà", mo sì pe ilà iwájú ní "ilà ẹnu-ọ̀nà". Gbólóhùn tí ó jáde láti inú rẹ̀ dùn mọ́ mi: "Wọ́n wó òpómẹ́ta nígbà tí kò sí nílé." Ọmọdé yóò mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀.

Ilà ẹnu-ọ̀nà yìí ni mo ní kí ẹ retí. Onibátì gbọ́dọ̀ ní ohun kan, ara rẹ̀ tàbí bátì rẹ̀, tí ó kan ilẹ̀ lẹ́yìn ilà. Bí ó bá tẹ orí ilà nìkan, kò sí nílé. Ohun tí a kọ́ nínú bọ́ọ̀lù pé orí ilà ṣì jẹ́ inú ti di òdì kejì rẹ̀ níhìn-ín, nítorí náà "ó ti dé ilà" kò gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé kíríkẹ́ẹ̀tì yín. "Ó ti ré ilà wọlé" ni kí ẹ kọ. "Wó òpómẹ́ta" náà nílò àlàyé kan: ìdábùú kan, ó kéré tán, gbọ́dọ̀ kúrò pátápátá lórí òpó, tàbí kí òpó kan fà tu kúrò nílẹ̀. Kí ìdábùú gbọ̀n, kí ó sì padà jókòó, kì í ṣe wíwó.

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo, wíkẹ́ẹ̀tì, ni wọ́n ń lò fún òpó mẹ́ta náà, fún lílé tí wọ́n lé onibátì kan kúrò, àti lẹ́nu àwọn kan fún ilẹ̀ títẹ́ pẹ̀lú. Bí ẹ bá yá a wọ Yorùbá gẹ́gẹ́ bí wíkẹ́ẹ̀tì, ẹ yá ìdàrúdàpọ̀ náà pẹ̀lú rẹ̀. Fún lílé náà, "yíyọ" ni mo lò: wọ́n yọ ọ́, afìbọ́ọ̀lù náà, ẹni tí ó ń rán bọ́ọ̀lù sí onibátì, yọ ènìyàn márùn-ún. Ibì kan sì wà tí èyí fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi ṣìnà. Bí ikọ̀ tí ó lu bọ́ọ̀lù ní ìgbà kejì bá borí lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ mẹ́ta nínú wọn, àwọn Gẹ̀ẹ́sì a ní wọ́n fi wíkẹ́ẹ̀tì méje borí. Mo kọ "ó ku ènìyàn méje tí a kò tíì yọ", mo sì tún un kà, mo rí i pé irọ́ ni. Ènìyàn mọ́kànlá ni ó wà nínú ikọ̀. Bí wọ́n bá yọ mẹ́ta, mẹ́jọ ni ó kù. Ṣùgbọ́n méjì ni ó ń lu bọ́ọ̀lù pọ̀, ẹnìkan kò lè dá lù ú, nítorí náà bí wọ́n bá ti yọ mẹ́wàá, ó tán. "Ó ku yíyọ méje" ni ó tọ́, nítorí pé yíyọ ni à ń kà, a kò ka orí ènìyàn.

Mo lo "afìbọ́ọ̀lù" ní òkè, ó sì yẹ kí n sọ ìdí rẹ̀. Jíju bọ́ọ̀lù ni òfin kọ̀ fún ẹni yìí gan-an. Bí apá rẹ̀ bá ti dé ìwọ̀n èjìká, kò gbọ́dọ̀ tún na ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ tí ó tẹ̀, títí bọ́ọ̀lù yóò fi kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. "Ajubọ́ọ̀lù" yóò fi ẹ̀ṣẹ̀ náà ṣe orúkọ iṣẹ́ rẹ̀. Apá ni ó ń fì, nítorí náà "fì" ni mo mú.

Ó wá ku ọ̀nà méjì tí a fi ń yọ ẹni tí kò sí nílé, tí ọ̀pọ̀ ìtumọ̀ sì ń pa pọ̀. Nínú ọ̀kan, aṣọ́-òpó tí ó dúró lẹ́yìn òpómẹ́ta gba bọ́ọ̀lù, ó sì dá wó òpómẹ́ta fúnra rẹ̀, nígbà tí ẹni tí wọ́n fì bọ́ọ̀lù sí ti jáde láti lù ú, tí kò sì gbìyànjú láti sáré. Nínú èkejì, ẹnikẹ́ni nínú àwọn tí ń ṣọ́ pápá lè wó òpómẹ́ta, èyíkéyìí nínú onibátì méjèèjì ni wọ́n sì lè yọ. Èdè wa ti ní "wọ́n ká a mọ́lé". Mo yí i: èkíní di "ìkámọ́ta", nítorí pé ìta ẹnu ọ̀nà ara rẹ̀ ni wọ́n ti ká a mọ́, èkejì di "ìkámọ́nà", nítorí pé orí ọ̀nà ni ó sábà máa ń wà. Bí bọ́ọ̀lù tí wọ́n fì bá lòdì sófin, ìkámọ́ta kò sí, ṣùgbọ́n ìkámọ́nà ṣì wà. Ẹ kọ ìyẹn sí abẹ́ orúkọ méjèèjì, torí pé kò sí bí orúkọ ṣe lè sọ ọ́.

Èyí tí ó rọrùn jù nínú ẹbí náà ni èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní ẹsẹ̀ níwájú wíkẹ́ẹ̀tì. Òfin kò sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ nìkan: ibikíbi lára onibátì tí ó bá dí bọ́ọ̀lù tí ì bá lu òpómẹ́ta ni ó lè mú un jẹ̀bi, bí àwọn ohun yòókù bá pé, ọwọ́ tí ó di bátì mú nìkan ni wọ́n kà mọ́ bátì. "Ìfaradínà" sọ òtítọ́ ju orúkọ àkọ́kọ́ lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ dán an wò lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀

Kí ẹnìkan tú Yorùbá yín padà sí Gẹ̀ẹ́sì kò tó ìdánwò, nítorí pé ẹni tí ó bá ti mọ òfin yóò tún un ṣe lọ́kàn rẹ̀ láìmọ̀. Ẹ wá ẹni tí kò mọ òfin náà, ẹ fún un ní Yorùbá nìkan, kí ẹ sì ka ìṣẹ̀lẹ̀ fún un kí ó dájọ́. Fún ọfúsáìdì, mẹ́fà ni mo ń lò: ẹni tí ó wà ní ipò àkọjá tí kò dá sí eré rárá, ẹni tí ó dọ́gba, ẹni tí ó gba bọ́ọ̀lù láti ọwọ́ ẹni tí ó jù ú wọlé, ẹni tí aṣọ́lé alátakò rẹ̀ ti fi ilé sílẹ̀, ẹni tí apá rẹ̀ nìkan ni ó kọjá, àti ẹni tí kò sí ní ipò àkọjá nígbà tí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n tí ó ti sáré kọjá kí bọ́ọ̀lù tó dé. Nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ẹnìkan ṣoṣo ni a ṣì ní láti bi ìbéèrè nípa rẹ̀, ìyẹn ẹni tí aṣọ́lé ti fi ilé sílẹ̀: ó di dandan kí ẹni tí ń dájọ́ béèrè pé alátakò mélòó ni ó kù sẹ́yìn. Bí kò bá béèrè, ìwé yín kò tíì sọ ọ́ kedere.

Bí ó bá ṣì í, ẹ má ṣàlàyé fún un. Ẹ bi í pé ọ̀rọ̀ wo ni ó mú un dájọ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ní Ìjerò-Èkìtì tí mo fún ní abala kíríkẹ́ẹ̀tì dá gbogbo rẹ̀ tọ̀nà àyàfi ẹyọ kan: onibátì tí ó wà ní ọ̀dọ̀ afìbọ́ọ̀lù, tí kì í ṣe òun ni wọ́n ń fì í sí, tí ó sì ti jáde nílé kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lọ́wọ́ afìbọ́ọ̀lù. Afìbọ́ọ̀lù yí padà, ó wó òpómẹ́ta. Ọmọbìnrin náà ní kò sí ìkámọ́nà, nítorí pé ẹni náà kò tíì dé ọ̀nà, ẹnu ilé ni ó ṣì wà. Òfin ní ìkámọ́nà ni. Mo béèrè ọ̀rọ̀ tí ó ṣì í lọ́nà, ó sì tọ́ka sí "orí ọ̀nà ni ó sábà máa ń wà". Mo yọ gbólóhùn náà kúrò nínú ìwé òfin, mo sì fi èyí dípò rẹ̀: "Ìkámọ́nà ni bí onibátì èyíkéyìí kò bá sí nílé nígbà tí bọ́ọ̀lù wà nínú eré, tí wọ́n sì wó òpómẹ́ta ìhà ọ̀dọ̀ rẹ̀, yálà ó ń sáré tàbí kò sáré, àyàfi bí ó bá jẹ́ ìkámọ́ta, tàbí ohun tí ì bá jẹ́ ìkámọ́ta bí bọ́ọ̀lù tí wọ́n fì kò bá lòdì sófin." Nígbà tí mo tún kà á fún un, ó dá ẹjọ́ náà bí òfin ti dá a.